Fídíò fún ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń mì

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Fídíò tí mo fi gbogbo òní kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ya fídíò kéékèèké fún àwọn tó ń wò wá lórí fóònù, èmi ni mo sì máa ń kọ ohun tí ẹni tó bá dúró níwájú kámẹ́rà máa sọ. Tọ̀tẹ̀ yìí, àwọn tó ń ṣiyèméjì la fẹ́ bá sọ̀rọ̀: àwọn tó ṣì ń wá sí ìsìn, tí wọ́n ṣì ń kọrin, àmọ́ tí wọn ò mọ̀ mọ́ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ àdúrà wọn.

Obìnrin kan ló kọ̀wé sí wa. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀, ìjọ rẹ̀ gbàdúrà, wọ́n ta òróró sí ìyá náà lórí, wọ́n sì kéde níwájú gbogbo èèyàn pé Ọlọ́run ti wò ó sàn. Ìyá kú. Níbi ìsìnkú, wọ́n ń sọ fún un pé kó mọ inú rò, kó mọ ọpẹ́ dá. Ìbéèrè tó wá bi wá kúrú: "Nígbà tí wọ́n ní Ọlọ́run ti wò ó sàn, ta ló sọ ọ́ fún wọn?" Ó fún wa láyè láti lò ó, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Túndé, tó ń bá wa ya fídíò, ló kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó láàánú ni, ó sì hàn nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi aago wọ̀n ọ́n, ìbánikẹ́dùn kò ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Gbogbo ìyókù, àlàyé ni: pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere, bí Róòmù orí kẹjọ ṣe wí, pé ọ̀nà Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀nà wa, pé ẹ̀rí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni dùùrù wọlé, tí wọ́n ní kí òǹwòran kọ Àmín. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí ní aago kan òru, tí oorun ò kùn ún, á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó débẹ̀. Á pa fídíò náà. Kò burú pé a gba Róòmù orí kẹjọ gbọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Àmọ́ tí a bá sáré nà án sí ẹni tí ẹkún ṣì wà lọ́fun rẹ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé ká tètè parí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń sú wa.

Sáàmù tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni ìkejìdínláàádọ́rùn-ún. Sáàmù kẹtàlá ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń lò fún irú èyí, torí ó fi "yóò ti pẹ́ tó" bẹ̀rẹ̀, ó sì fi orin parí, gbogbo rẹ̀ láàárín ẹsẹ mẹ́fà. Ìkejìdínláàádọ́rùn-ún yìí, tí wọ́n ní Hémánì ló kọ, kò yí padà bẹ́ẹ̀. Ó pe Olúwa ní Ọlọ́run ìgbàlà òun ní ẹsẹ àkọ́kọ́, ó ní òun ń ké tọ̀sán-tòru, ó béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi ta ọkàn òun nù tó sì fi ojú pa mọ́ fún òun, ẹsẹ ìkẹyìn sì dópin sínú òkùnkùn. Kò sí ìdáhùn níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbà tó kó Sáàmù jọ kò yọ ọ́ dànù, wọn ò sì so ẹsẹ ayọ̀ mọ́ ọn nídìí. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 yàn án fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù. Mo fẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé àwọn èèyàn ti dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ayébáyé, tí wọ́n ka irú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, tí wọ́n sì lọ sílé láìrí èsì.

Túndé béèrè bóyá ká fi Tọ́másì kún un. Mo ní ká fi sí i, àmọ́ ká má fi bú ẹnikẹ́ni. Jòhánù orí ogún sọ pé lẹ́yìn tí Tọ́másì ti ní òun ò ní gbà pé Jésù jíǹde láìfọwọ́ kan ojú ìṣó, ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, ó sì wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ni mo dúró lé. Àwọn tó ti rí Olúwa àti ẹni tí kò tíì gbà jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, a ò sì kà á pé ẹnikẹ́ni lé e jáde.

Ibi tó gba àkókò jù ni ìbéèrè obìnrin náà gan-an. A ti ń pè é ní iyèméjì nípa Ọlọ́run. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé èèyàn ló ń bi. Àwọn kan sọ ohun tí wọn ò mọ̀, wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bò ó, nígbà tí kò ṣẹ, wọ́n dákẹ́. Irú ìbéèrè yẹn ní èsì, ìwà ìkà sì ni ká dákẹ́ ká máa pè é ní ohun ìjìnlẹ̀. Mo bá kọ ọ́ báyìí:

"Ẹni tó sọ fún yín pé ìyá yín ti rí ìwòsàn kò mọ̀. Kò yẹ kó sọ ọ́. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kéré ni ìyá yín fi kú. Ìdí tó fi kú, èmi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ẹ lè máa béèrè. Bó bá gba ọdún, ẹ lè máa béèrè."

Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ fún ẹni tó ń gé fídíò pé: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, kí kámẹ́rà dúró lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sí orin, má gé e. Bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gé e, torí ìdákẹ́jẹ́ máa ń jọ àṣìṣe lójú wọn.

Bàbá Alàgbà ka gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá Dàmi, ṣé èyí ò ní dà bíi pé à ń pe àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run lẹ́jọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò dárúkọ ẹnìkan. Àmọ́ ẹni tó ti rò ó lọ́kàn pé àìgbàgbọ́ òun ló pa ìyá òun ń kọ́? Ta ló máa gba ìyẹn kúrò léjìká rẹ̀?"

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ká fi sílẹ̀, pé àdúrà nìkan lòun ṣì fẹ́ ní ìparí. A wá fìmọ̀ ṣọ̀kan pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní: "Ọ̀rọ̀ mi ti parí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n gbàdúrà, ẹ dúró. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lè máa lọ, a ò bínú sí yín." Kò sí pé kí wọ́n jáde síwájú, kò sí pé kí wọ́n kọ Àmín.

Ibì kan wà tí mi ò ti fẹ́ sùúrù rárá. Bí iyèméjì bá ti di pé ayé sú èèyàn, tó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ bí ìbéèrè tó lè pẹ́. Mo fi í sáàárín fídíò, kì í ṣe ìparí, torí ọ̀pọ̀ kì í wò ó dópin: "Bí ẹ bá ń rò ó pé ẹ ò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ má dá nìkan wà lálẹ́ òní. Ẹ jí ẹnìkan nínú ilé, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ sílé ìwòsàn."

Sátidé la máa yà á. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn kó kọ́kọ́ kà á. Ìlà tó bá ní ká yọ, a máa yọ ọ́.