Ẹyẹlé mẹ́ta, ihò méjì

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn Àkúrẹ́ lónìí. Wọ́n mú iná lọ, mi ò sì lè dé Ọjà Ọba. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo padà sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a ṣe ń tú ká, ọmọ kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Oríire lásán ni gbogbo ẹ̀."

Oríire kẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbọ̀sẹ̀ hàn wọ́n ni. Dúdú mẹ́jọ, funfun mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò kan. Di ojú rẹ, kí o mú ẹyọ mẹ́ta. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ dúdú, tí èkejì jẹ́ funfun, ẹ̀kẹta ò ríbi sá sí, ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan nínú wọn mu. Bí ẹyẹlé mẹ́ta bá wọ ihò méjì, méjì á jọ sùn sínú ihò kan. Ẹni tí orí rẹ̀ burú jù lọ máa rí ìbọ̀sẹ̀ méjì tó jọra.

Àmọ́ bó bá jẹ́ funfun méjì ni ó ń wá ńkọ́? Mẹ́ta ò tó o. Ó lè kó dúdú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan funfun kan. Àfi tó bá mú mẹ́wàá ló tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mo tún rò ó wò. Bóyá ọjọ́ ìbí ni ọmọ yẹn ń sọ. Nínú àwọn mọ́kànlélógójì tó wà ní kíláàsì, a rí àwọn méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, ariwo sì sọ. Ní tòótọ́, kò sí dandan níbẹ̀. Bí iye èèyàn tó wà níbì kan bá ti pé 23, ìrètí pé a máa rí irú wọn fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Bí wọ́n bá di 41, ó tó nǹkan bí 90 nínú 100. Kò tíì di dandan síbẹ̀! Ó di 367 kó tó di dandan, torí ọjọ́ 366 ló wà tí a bá ka 29 oṣù Kejì mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà jàre díẹ̀...

Oṣù ìbí ni kò ti jàre. Ẹ pín àwọn 41 náà ní mẹ́ta-mẹ́ta sínú oṣù méjìlá, 36 ni. Ó ku márùn-ún. Níbo ni wọ́n fẹ́ wọ̀? Oṣù kan gbọ́dọ̀ ní tó mẹ́rin, ó kéré tán. Èwo ni? Òfin ẹyẹlé àti ihò yẹn ò sọ. Ohun tó ń wù mí nínú rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń dùn mí: ó mọ̀ dájú pé wọ́n wà, kò sì lè tọ́ka sí ẹnì kankan.

Bí mo bá rí ọmọ yẹn lọ́la, màá gbé àpò ìbọ̀sẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kó mú mẹ́ta tí méjì ò ní jọra, kí n rí i.