Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀dọ̀ mi ti fúyẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń pa á mọ́ra tipẹ́ àmọ́ tòní yìí kọjá àpamọ́ra. Èsì skáànù tuntun ti jáde o! Dókítà ní ọ̀rá tó bo ẹ̀dọ̀ mi ti fà sẹ́yìn gan-an, ìwọ̀nba ló kù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà sì ti padà síbi tó yẹ kó wà. Olúwa o ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mò ń mutí ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn ló dùn mí jù. Gbogbo Akúrẹ́ ńbí, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi bíà kan ẹnu. Tá a bá lọ òde l'Óńdó, tí wọ́n gbé àsun sílẹ̀ táwọn tó kù ń ṣí ìgò, mọ́ọ̀tì lèmi máa ń gbà, ẹyọ kan kì í sì í tó torí àsun yẹn ta. Ní ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn bá mú, mínírà tútù. Wọ́n ṣáà ní mọ́ọ̀tì ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi wá ń wúwo lábẹ́ egungun ìhà, tí inú mi ń wú, tí mò ń gùnfẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ṣáá, ọgbẹ́ inú la pè é.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ skáànù. Ọmọkùnrin tó ń yẹ̀ mí wò ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn dákẹ́ lójijì, ó ń yí nǹkan ọwọ́ ẹ̀ lọ yí i bọ̀ lójú kan náà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa ń mutí?" Mo ní rárá. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó tún ní, "Bíà ńkọ́?" Ó wá fi hàn mí pé ẹ̀dọ̀ mi ń tàn funfun ju kíndìnrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ káwọn méjèèjì fẹ́ẹ̀ jọra, ó ní ọ̀rá ló ń jẹ́ kó tàn bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi já. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ni àrùn ẹ̀dọ̀ pa, ojú ẹ̀ pọ́n, ikùn ẹ̀ kún fómi, òun ni mo kàn ń rí. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C àti ti ìtọ̀ ṣúgà, n ò sì lè gbé oúnjẹ mì títí èsì fi dé. Kò sí ìkankan níbẹ̀, ògo fún Ọlọ́run, ibi tí wọ́n kọ ALT sí, ìyẹn èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ló fi díẹ̀ ga. (Ẹ gbọ́ o, nǹkan yẹn lè má ga rárá kí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn, ẹ má fi ti ẹ̀jẹ̀ nìkan fọkàn balẹ̀.)

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kí ni ìyàwó wa nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó gbọ́ ló wá, kò tiẹ̀ tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò wàásù fún mi. Ó gbé mínírà ike kan tó wà nínú fíríìjì mi, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 10 gíráàmù ṣúgà ló wà nínú 100 mílílítà, ike náà sì jẹ́ 500, ìyẹn 50 gíráàmù. Síbí tíì kan tó 4 gíráàmù. Ó gbé ife kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣúgà sí i, ó ń kà á sókè títí ó fi bu síbí 12, ó tún wá bu ààbọ̀ lé e. Ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n máa mu ún. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo tún ń sunkún.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyí: ìdajì ṣúgà yẹn jẹ́ irú èyí tó wà nínú èso, ẹ̀dọ̀ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣe. Tó bá ya lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà látinú ohun mímu, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá, á kó o pamọ́ sára ẹ̀. Jùsì inú páálí náà ò yàtọ̀. Ọsàn téèyàn bó tó ń jẹ tòun ti fọ́nrán inú ẹ̀ kò burú, torí kò lè ya lọ bẹ́ẹ̀, ta ló sì fẹ́ jẹ ọsàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan? Ọtí ní tiẹ̀, ó ní ẹni tí ọ̀rá ti wà lẹ́dọ̀ẹ ẹ̀ kó kúkú má mu ún rárá, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ni ọtí àti ṣúgà jọ ń dá lóró.

Ẹ̀yin kan wá gbé bítà àti agbo inú ògógóró wá fún mi, ẹ ní á fọ ẹ̀dọ̀. Ẹ fi ọtí fọ ẹ̀dọ̀! Ẹlòmíì ní kí n gba àwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ méje kí ọ̀rá náà lè yọ́ wìì. Ìyàwó wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ó ní téèyàn bá rù lójijì, ọ̀rá ara á rọ́ lọ bá ẹ̀dọ̀, òkúta tún lè dì sínú àpò òróòro, kílò kan lọ́sẹ̀ kan ti tó, ààbọ̀ kílò náà dáa. Kílò 96 ni mo wọ̀n nígbà yẹn. Ó ní tí n bá fi lè dín kílò márùn-ún kù, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ á ti máa lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ náà ti ń wú, àfi kí n dé nǹkan bíi kílò méje sí mẹ́sàn-án.

Mi ò pa iyán tì o, ọmọ Oǹdó kọ́ lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo kàn sọ ọ́ di òkèlè tó mọ níwọ̀n ìkúùkù mi, mo jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìyókù àwo, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé Ìsìkàn dípò kí n gun ọ̀kadà. Omi tútù ló rọ́pò mínírà. Orí fọ́ mi níbẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi sáwọn ọmọ, ẹ bi wọ́n. Inú wíwú yẹn ló kọ́kọ́ lọ, kí kílò tó sún rárá, torí gáàsì mínírà wà nínú ohun tó ń fa á. Oṣù kan wà tí òṣùwọ̀n ò kúrò lójú kan. Mo wà ní 87 báyìí.

Bí mo ṣe wá ń rù, wọ́n tún ní ọkọ mi ń jẹ mí níyà, àwọn kan ní àrùn tí wọn ò lè dárúkọ ẹ̀ ló mú mi. Ẹ ò sinmi?

Kò sóògùn kankan tí wọ́n kọ fún mi, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kí ẹ jókòó sílé fi tèmi wo tiyín. Ti ẹlòmíì ti lè di àpá lára ẹ̀dọ̀, dókítà ló máa mọ̀. Èèyàn tín-ínrín náà lè ní in. Tójú bá sì pọ́n, tí ikùn ń kún fómi, tàbí téèyàn bì ẹ̀jẹ̀, tó ya ìgbẹ́ dúdú kirikiri, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ.

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà. Ẹni tó gbé bítà wá, ìgò yín ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, n ò ṣí i, ẹ wá gbé e.