Omi ń kán ní tíntín lókè, omi dúró nílẹ̀: ohun tí fíríìjì kan kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé oníbàárà kan náà nítorí fíríìjì kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, owó onílé ni mo ń fi ṣòfò. Nǹkan tó ń ṣe fíríìjì náà kò le rárá. Èmi ni mo sáré tú u kí n tó wò ó.

Irú fíríìjì tí omi ń wọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Páìpù rọ́bà tín-ín-rín, ìwọ̀n ínǹṣì 1/4, wá láti fáàfù ara ògiri, ó gba ẹ̀yìn fíríìjì, ó wọ fáàfù oníná tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni omi ti ń yà sọ́nà méjì. Ọ̀kan ń lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń gbé ife sí, ìkejì ń gòkè lọ sínú firísà, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń sọ ọ́ di yìnyín. Ẹ fi ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi máa dá lé.

Ìyá tó ni ilé sọ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí omi ẹnu ilẹ̀kùn ti ń jáde bí ẹni tó ń sunkún, àti pé láràárọ̀ ni àwọn ń bá omi lábẹ́ fíríìjì. Mo gbọ́ "omi kò yá", ọkàn mi lọ sórí asẹ́ omi. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ "omi nílẹ̀", mo ní ihò tí omi yìnyín yíyọ́ ń gbà lọ sínú àwo ìsàlẹ̀ ti dí nìyẹn. Mo tú ẹ̀yìn firísà, mo da omi gbígbóná síhò náà, omi sì lọ geere. Ihò yẹn kò dí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé omi lọ, mo kó irinṣẹ́ mi, mo relé. Àìsàn méjì ni mo rò pé mo wò, bẹ́ẹ̀ n kò wo ọ̀kan nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n pè mí. Omi ṣì wà nílẹ̀. Mo padà lọ, mo sì tún pààrọ̀ fáàfù oníná. Kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi bá mi lọ. Kò mú sípánà dání. Ó kọ́kọ́ bi ìyá náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni ẹ sún fíríìjì yìí gbẹ̀yìn?" Ìyá náà ronú díẹ̀, ó ní ìgbà tí wọ́n tún ilẹ̀ ilé ìdáná ṣe ni, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá mi wojú mi. Mo mọ ohun tí ó ń sọ.

Ó ní kí n gbé ife tí wọ́n sàmì ìwọ̀n sí lára sábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kí n ka ìṣẹ́jú àáyá 10. Mílílítà 60 ló jáde. Àwọn irú rẹ̀ tó dá pé tí mo ti wọ̀n lẹ́yìn ìgbà náà máa ń tó 200 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì iná kúrò lára ògiri. Ẹ má fi èyí ṣeré o: ẹni tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́yìn ohun tó ń lo iná, kí ó yọ iná ná. A fa fíríìjì síwájú díẹ̀díẹ̀, a ti fáàfù ògiri, a tú páìpù kúrò lára fáàfù oníná, a ki ẹnu rẹ̀ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, a wá ṣí ti ògiri padà. Omi ń ṣàn bí okùn òwú. Kò tíì dénú fíríìjì rárá tí ó fi ń rọra.

Ká ní mo ti ṣe ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò ní ra asẹ́, n kò ní ra fáàfù. Ibi tí páìpù ti wọ fíríìjì ni ẹ ti gbọ́dọ̀ pín ọ̀ràn sí méjì. Bí omi bá lágbára nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bi wà nínú fíríìjì: asẹ́, fáàfù oníná, tàbí páìpù ilẹ̀kùn tó dì. Bí kò bá lágbára, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fíríìjì, ẹ tọ páìpù lọ sí ògiri. Àwa tọ̀ ọ́ lọ, a sì rí i lẹ́yìn igun fíríìjì. Nígbà tí wọ́n ti ẹ̀rọ náà padà sáyè rẹ̀, ara ògiri tẹ páìpù mọ́lẹ̀, ó ṣẹ́po bí ìgbà tí èèyàn ká bébà. Ojú ibi tó ti ṣẹ́po ti funfun.

Ọwọ́ mi yá, mo nà án. Omi ya wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní ó ti tán. Ọ̀gá mi ní kò tán, ó sì ní ìdí méjì.

Àkọ́kọ́ ni pé rọ́bà tó ti ṣẹ́po kì í gbàgbé. Bí ẹ bá tilẹ̀ nà á tó gún, ibi tó funfun yẹn ti rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò tún ká sí nígbà mìíràn, tàbí kí ó là lóru tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Àwọn kan máa ń gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ìsopọ̀ sí i. Mo ti ṣe é rí nígbà tí kò sí páìpù tuntun lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi abẹ mímú gé e kí ojú rẹ̀ dọ́gba, ẹ má fi àlùmọ́gàjí tó ń tẹ rọ́bà pẹlẹbẹ gé e, kí ẹ sì ti í wọlé títí tí yóò fi dúró, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn wò bóyá yóò yọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsopọ̀ tó bá wà lẹ́yìn fíríìjì ni ibi tí omi lè gbà jò, ibẹ̀ sì ni ojú kì í dé. Èmi fẹ́ràn páìpù tuntun gúnlẹ̀gúnlẹ̀ láti ògiri dé ẹ̀rọ, láìsí ìsopọ̀ láàárín. Àbùkún bíi mítà 2.4 ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹta ní òbìrí tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ó lè máa tú bí wọ́n bá fa fíríìjì, kí ó sì máa ká padà bí wọ́n bá tì í. Páìpù tí wọ́n gé mọ́ gígùn rẹ̀ gan-an ló máa ń ṣẹ́po.

Ìdí kejì ló ya mí lẹ́nu. Mo bi í pé, bí páìpù bá ṣẹ́po láì là, omi wo ló wá ń dúró nílẹ̀? A wo rọ́bà náà, kò là lóòótọ́. Ọ̀gá mi ṣí firísà, ó gbé àwo yìnyín jáde. Àwọn yìnyín tó wà nínú rẹ̀ kéré, òmíràn ṣófo láàárín bí ìkarahun. Mo ti rí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè tú ẹ̀yìn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Fáàfù oníná kì í wọn omi. Àkókò ló ń kà. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó máa ṣí fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 7, ó máa tì, yálà omi kún àwo tàbí kò kún. Páìpù tó fún wá ń mú kí ìwọ̀nba omi ìṣẹ́jú àáyá 7 yẹn jẹ́ ẹ̀kán tíntín, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ gba ọ̀pá kékeré tó ń da omi sínú àwo. Inú firísà ni ẹnu ọ̀pá yẹn wà, níbi tí òtútù ti jẹ́ dìgírì -18. Omi púpọ̀ tó ń sáré á kọjá kó tó dì. Omi tíntín tó ń fà á dì mọ́ ara ọ̀pá. Lójoojúmọ́ ni yìnyín ń nípọn sí i níbẹ̀, títí ẹnu ọ̀pá fi dí pátápátá. Ìgbà tí fáàfù bá tún ṣí, omi tó gòkè kò rí ọ̀nà, á kún ẹnu ibi tí wọ́n ti ń dà á lẹ́yìn firísà, á ṣàn gba ẹ̀yìn fíríìjì wá sílẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ yìnyín máa ń gbìyànjú léraléra, omi tó ṣàn lóru ni wọ́n sì ń bá nílẹ̀ láàárọ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni omi tó rọra lókè àti omi tó dúró nísàlẹ̀. Bí mo bá sì nà páìpù nìkan, tí mo fi ọ̀pá tó dí sílẹ̀, omi alágbára ni yóò máa lu yìnyín yẹn, omi ilẹ̀ á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A yọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun la fi ṣe é, a fi sí ooru kékeré, à ń gbé e kiri kí ó má baà dúró lójú kan, torí ike ọ̀pá yẹn máa ń wọ́. Síríńjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà dára. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó gún un, ẹ má da omi híhó sí i. Ó gbà wá ní bíi ìṣẹ́jú 20. Yìnyín tó jáde gùn tó ìka mi.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ irú omi tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ nu ilẹ̀ gbẹ, ẹ ti fáàfù ògiri, ẹ fi fíríìjì sílẹ̀ pẹ̀lú iná fún ọ̀sán kan òru kan. Bí omi bá tún jáde, kì í ṣe ti páìpù, ẹ lọ wo ihò yìnyín yíyọ́ tí mo sáré lọ bá. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ ṣí i padà, ẹ tẹ́ tíṣù yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Omi tó ń jò kí ó tó dé fáàfù oníná kì í sinmi, yóò máa rin tíṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi. Èyí tó ń jò lẹ́yìn fáàfù ń jáde kìkì ìgbà tí fáàfù bá ṣí, ìyẹn bí ẹnì kan bá bu omi tàbí bí ẹ̀rọ yìnyín bá ń kún.

Ní ti páìpù ilẹ̀kùn tó dì, kò gbà wá lákòókò lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà á sì tètè mọ̀ ọ́n: ẹnu ilẹ̀kùn kò yọ omi rárá, bẹ́ẹ̀ yìnyín ń jáde dáadáa. Ẹni tó fi firísà sí òtútù tó jù dìgírì -18 ló sábà máa ń ní in. Ẹ dín òtútù kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ́ ọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún dì.

Ká tó kúrò, ọ̀gá mi ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí n máa wo òbìrí páìpù tuntun tí a fi sí i bí òun ṣe ń ti fíríìjì padà. Ní ẹ̀ẹ̀kan mo pariwo pé kó dúró, torí òbìrí kan fẹ́ há sábẹ́ táyà. A fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Mo tún gbé ife sábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, mo ka ìṣẹ́jú àáyá 10: mílílítà 210. Ọ̀gá mi sọ fún ìyá náà pé kí wọ́n da yìnyín àkọ́kọ́ nù. Ó tẹ́ tíṣù mẹ́rin sábẹ́ fíríìjì, ó sì ní kí wọ́n pè wá láàárọ̀ kí wọ́n sọ èyí tó tutù. Nígbà tí wọ́n pè, wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ. Owó asẹ́ àti ti fáàfù, èmi ni mo san án padà fún wọn.