Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ráìtì tí mo pè ní náírà 2, náírà 4 ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí torí mo ṣì ń rí àwọn tó ń ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Láti oṣù kẹta 2024 tí CBN ti ní kí àwọn báńkì lọ wá owó kún owó, ráìtì íṣù pọ̀ lọ́jà wa gan-an, ìyẹn kí kọ́ńpìnì fún àwọn tó ti ní ṣíà ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ṣíà tuntun ní iye kan; ẹ̀tọ́ yẹn là ń pè ní ráìtì. Lọ́dún yẹn nìkan, Access Holdings gbé ṣíà tuntun 1 jáde fún ẹni tó bá ní 2, ní náírà 19.75, Zenith ṣe 1 fún 6 ní náírà 36, UBA náà ṣe 1 fún 5 ní náírà 35. Àwọn nọ́ńbà méjì yẹn, iye ṣíà àti iye owó, lèèyàn máa ń kọ́kọ́ rí, àmọ́ wọn ò tíì sọ iye tí ráìtì tó wà lọ́wọ́ ẹ tó fún ẹ.

Tèmi jẹ́ ti kọ́ńpìnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ní ṣíà 6,000 níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní náírà 20, ìyẹn 120,000. Wọ́n ní àwọn máa ta ṣíà tuntun 1 fún gbogbo 2 tí èèyàn bá ní, ní náírà 14. Èmi wá ní ẹ̀tọ́ láti ra 3,000, owó ẹ̀ jẹ́ 42,000. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀ lásìkò yẹn, mo mọ̀ pé mi ò ní lè san án, mo wá pinnu pé kí n ta ráìtì yẹn lọ́jà. Ibẹ̀ dáa o, torí ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀ títí ọjọ́ fi kọjá ló máa ń pàdánù jù.

Kí n tó tà á mo jókòó ṣe ìṣirò. Wọ́n ń pè é ní TERP, ìyẹn iye tó yẹ kí ṣíà kan jẹ́ lẹ́yìn tí ṣíà tuntun bá ti wọ àárín ti àtijọ́. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ò le: kó ṣíà 2 tó jẹ́ náírà 20 sínú apẹ̀rẹ̀ kan, kó 1 tó jẹ́ náírà 14 kún un, gbogbo ẹ̀ ti di 3, o ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun mọ́, iye kan náà ni gbogbo wọn máa jẹ́.

```
TERP = (2 × 20 + 1 × 14) ÷ 3 = 54 ÷ 3 = 18
```

Mo rí 18, mo yọ ọ́ kúrò nínú 20, ó ku 2. Mo ní áà, ráìtì kan náírà 2 nìyẹn. Mo pe bróka pé kó bá mi ta 3,000 ní náírà 2.20, inú mi ń dùn pé mo tiẹ̀ fi kọ́bọ̀ 20 lé e. Ó tà kíákíá, kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti fu mí lára, torí ọjà ráìtì kì í sábà ní èrò tó báyẹn. Ní ọjọ́ kejì mo rí i tí ráìtì yẹn kan náà ń lọ ní 3.70.

Mo gbéra lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Dùgbẹ̀. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣe bróka tipẹ́, mo kí wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n mú fọ́ọ̀mù mi wá, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, wọ́n fi bírò kọ ọ́: yọ 18 kúrò nínú 20, ó ku 2. Wọ́n fi òbìrí yí i ká. Wọ́n wá kọ ìkejì sísàlẹ̀: yọ 14 kúrò nínú 18, ó ku 4. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, méjèèjì la máa ń pè ní iye ráìtì, àmọ́ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Náírà 2 yìí ni ohun tó kúrò lára ṣíà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ráìtì mélòó lo wá tà?" Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí, ó yé mi lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó yé mi rèé. Ṣíà 2 ló ń bí ráìtì 1, torí náà náírà 2 lọ́nà méjì ló wà nínú ráìtì kan, ìyẹn 4. Ẹni tó bá ra ráìtì lọ́wọ́ ẹ máa tún san 14 fún kọ́ńpìnì kó tó gba ṣíà tó jẹ́ 18, torí náà kò burú tó bá fún ẹ ní 4. Èmi tà á fún un ní 2.20. Ṣíà mi 6,000 ti di 108,000, mo gba 6,600 lórí ráìtì, gbogbo ẹ̀ 114,600. Ká ní mo tà á ní 4 ni, 12,000 ni mi ò bá gbà, 120,000 tí mo ní tẹ́lẹ̀ ì bá pé pérépéré. 5,400 ló lọ, bó ṣe lọ nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń yẹ ìdáhùn mi wò. Ẹni tó bá ra gbogbo ẹ̀, ṣíà ẹ̀ máa di 9,000 ní náírà 18, ìyẹn 162,000. Yọ 42,000 tó san kúrò, 120,000 ló kù. Ẹni tó bá tà á náà gbọ́dọ̀ bá 120,000 jáde. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, mo ti ṣi ráìtì kan pè níbìkan. Màmá yẹn tún fi ọ̀nà kan hàn mí tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ká ní mo ta 2,334 ní náírà 4, mi ò bá rí 9,336, mi ò bá sì fi 9,324 nínú ẹ̀ ra 666 tó kù, láì mú kọ́bọ̀ jáde lápò mi. A ò tíì ka owó bróka síbẹ̀ o.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Iye tí à ń fi sínú ìṣirò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ṣíà ń lọ nígbà tí ráìtì ṣì wà lára ẹ̀. Tí ráìtì bá ti kúrò lára ẹ̀, tí ṣíà ti wá sí 18, má tún kó 18 wọnú apẹ̀rẹ̀ o, o máa rí 16.67 tí ò ní ìtumọ̀ kankan. Lásìkò yẹn iye tó wà lójú ọjà ni kó o mú, yọ 14 kúrò, ó parí. Tí ṣíà tuntun ò bá sì ní jẹ dífídẹ́ǹdì tó ń bọ̀, kọ́kọ́ yọ dífídẹ́ǹdì yẹn kúrò nínú 20 kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ra ráìtì ò ní fojú kàn án.

Ọjà náà kì í sì í tẹ̀ lé 18 lójú méjèèjì. Bí àwọn èèyàn ò bá nígbàgbọ́ nínú ohun tí kọ́ńpìnì fẹ́ fowó yẹn ṣe, ṣíà lè já sí 16, ráìtì á di 2 lóòótọ́. Tó bá já sí 13, ráìtì ò níye lórí mọ́ nìyẹn, torí ta ló máa san 14 fún ohun tó lè rí rà lọ́jà ní 13? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo iye ṣíà láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ta ráìtì, tí mo ń yọ iye tí kọ́ńpìnì ń tà á kúrò, kí n tó sọ iye kankan fún bróka.