Ojú Màmá kọ́ nìyí: ohun tí mo kọ́ nípa títún ojú, eyín àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà

Fọ́tò ni mo ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákálẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n bá wọn sọ fọ́tò di àwòrán bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kí wọ́n lè gbé e kọ́ síwájú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìnáwó. Stable Diffusion, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán, ni mo ń lò fún un. Iṣẹ́ kan ló wá kọ́ mi lọ́gbọ́n jù: àwòrán ọgọ́rin ọdún ìyá kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì gígùn, inú mi dùn sí i, àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe dé tó dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ojú Màmá wa kọ́ nìyí."

Òótọ́ ló sọ. Lórí ẹ̀rọ, mi ò rí i, torí odidi àwòrán ni mò ń wò. Lórí kánfáàsì, ojú ọ̀tún ń wo ìwọ̀ oòrùn, tòsì ń wo wá. Eyín ti yọ́ pọ̀ di nǹkan funfun kan bí àbẹ́là. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta lápá ọ̀tún ti di méjì kó tó dé apá òsì, ọ̀kan sì wọnú ẹran ọrùn lọ. Kánfáàsì yẹn di òfò, owó mi ni mo fi tẹ òmíràn.

Kí n tó sọ bí mo ṣe tún un ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń fà á. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí àwòrán gan-an. Ó máa ń kọ́kọ́ fún un pọ̀, tí ibi tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 8 tó sì ga tó 8 á di ẹyọ kan ṣoṣo. Yàrá ni mo máa ń pe ẹyọ yẹn. Àwòrán Màmá jẹ́ 512 ní ìbú àti 768 ní gíga. Nínú rẹ̀, ojú kan kò ju píksẹ́lì 26 lọ ní ìbú, ìyẹn yàrá mẹ́ta péré. Inú yàrá mẹ́ta yẹn ni ẹyinjú, funfun ojú, ìpéǹpéjú àti ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn lójú gbọ́dọ̀ há sí. Ẹnu ní bíi yàrá márùn-ún fún gbogbo eyín tó hàn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ò tiẹ̀ kún yàrá kan. Kò sí bí kò ṣe ní yọ́. Ibi tí nǹkan bá ti kéré tí kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ibẹ̀ ni àléébù máa wà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí kì í sábà ní wàhálà.

Oògùn rẹ̀ náà ni pé kí èèyàn gba ibi tó bàjẹ́ ní àyè tó pọ̀ sí i, kó sì tún un yà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ odidi àwòrán di ńlá. Èmi sọ ti Màmá di 1024 sí 1536 kí n tó fọwọ́ kan ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún ojú yà dáadáa, ẹ̀rọ sì tún fún un padà sínú píksẹ́lì 26 tó ti wà tẹ́lẹ̀, gbogbo làálàá mi pòórá.

Lẹ́yìn náà, mo wọ `Inpaint`, níbi tí èèyàn ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ibi tó fẹ́ kí ẹ̀rọ tún yà, mo sì yan `Only masked`. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá fi `Whole picture` sílẹ̀, orí odidi àwòrán lẹ̀rọ ti máa ṣiṣẹ́, ojú á sì wà nínú yàrá kékeré tó wà tẹ́lẹ̀. `Only masked` máa ń gé ibi tí ẹ bá kùn jáde, pẹ̀lú etí rẹ̀ díẹ̀, á fẹ̀ ẹ́, á yà á, á wá dá a padà sáyè rẹ̀. Mo fi ìwọ̀n tó máa yà á sí 768 sí 768, mo fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní 32 bó ṣe wà, mo sì fi `Masked content` sí `original`. Ojú tó ní yàrá mẹ́ta lánàá wá ní bí ogún.

Ojú ni mo kọ́kọ́ mú. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé ojú ọ̀tún nìkan ni mo kùn, torí òun ló bàjẹ́. Ìgbà márùn-ún ni mo yà á, ìgbà márùn-ún ló ń wo ibòmíràn. Ojú méjèèjì ló yẹ kí ẹ kùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé ìpéǹpéjú àti òkè imú tó wà láàárín wọn, kí ẹ̀rọ lè rí wọn pọ̀, kó sì yà wọ́n bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún un kò ju ohun tó wà nínú ibi tí mo kùn lọ:

```
oil painting, eyes of an elderly Nigerian woman, dark brown irises, soft light from the left
```

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ gbogbo àwòrán sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń sọ ti gèlè àti aṣọ òkè, ẹ̀rọ lè gbìyànjú láti ki odidi obìnrin kékeré kan sínú ojú. Mo ti rí gèlè tó hù lórí imú.

`Denoising strength` ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa jìnnà sí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 0.75 tó wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe ṣí i, ojú obìnrin mìíràn ni mo rí gbà. Ní 0.2, kò sí ohun tó yí padà. Láàárín 0.35 sí 0.45 ni mo máa ń dúró sí fún ojú. Mo yà á mẹ́jọ, mo mú ọ̀kan.

Bí mo ṣe mọ ọ̀kan tó dáa ni pé mo yí àwòrán padà bí ẹni ń wo dígí. Ojú wa ti mọ àléébù yẹn lára, tí a bá sì yí i padà, á fara hàn lójijì. Mo wo ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ẹyinjú méjèèjì bóyá apá kan náà ló wà. Tó bá wà lápá òsì lójú kan tó sì wà lápá ọ̀tún lójú kejì, ẹni náà á dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣako. Èyí kò gba ẹ̀rọ rárá: mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nínú Krita, ètò tí a fi ń fọwọ́ yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, pa èyí tí kò tọ́ rẹ́, mo to ẹ̀kán funfun kan síbi tó yẹ.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ìpéǹpéjú òsì Màmá wálẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n mú wá. Ẹ̀rọ ti gbé e sókè, inú mi sì dùn pé ojú dọ́gba. Ohun tí ọmọ rẹ̀ rí gan-an nìyẹn tó fi ní ojú ìyá òun kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, fọ́tò máa ń wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Mo máa ń béèrè fún àléébù kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ti ẹ̀rọ ni, àbí ti ẹni náà?

Ìbéèrè yìí ló gbà mí lórí eyín, torí Màmá ní èéjí. Ẹ̀rọ ò fẹ́ èéjí rárá, ó ń dí i pa. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ eyín sí i tó, bẹ́ẹ̀ ló ń kó eyín jọ, títí ó fi dà bí àgbàdo. Mo wá rántí pé àwọn ayàwòrán tó ń fi ọ̀dà kùn kì í sábà ya eyín níkọ̀ọ̀kan. Mo yọ ọ̀rọ̀ eyín kúrò pátápátá, mo wọ Krita, mo fi àwọ̀ ara ẹyin, kì í ṣe funfun báláú, fa ìlà fífẹ̀ kan sínú ẹnu. Mo jẹ́ kó ṣókùnkùn lápá méjèèjì bó ṣe ń lọ sí igun ẹnu. Mo wá fi àwọ̀ pupa tó ṣú fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín eyín iwájú méjì. Nígbà tí mo dá a padà sí `Inpaint`, mo kùn ètè pọ̀ mọ́ ọn, mo sì fi 0.3 sí i, kó kàn lè da ọwọ́ mi pọ̀ mọ́ ìyókù. Bí mo bá gbé e kọjá 0.4, èéjí á tún dí.

Ẹ óò bá àwọn tó ní kí ẹ lo CodeFormer tàbí GFPGAN pàdé, pé ó ń tún ojú ṣe lẹ́sẹ̀ kan náà. Fọ́tò ojú èèyàn gidi ni wọ́n fi kọ́ wọn. Lórí àwòrán tó jọ ọ̀dà, ńṣe ni wọ́n máa ń fi awọ dídán fọ́tò bo ojú nígbà tí ọrùn àti aṣọ ṣì jẹ́ ọ̀dà. Ojú á wá dà bí ohun tí wọ́n gé látinú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò lò wọ́n fún irú iṣẹ́ yìí mọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Ẹ̀rọ mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń rí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé okùn kan ló wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yí ọrùn ká. Tí ẹ bá kàn kùn ún tí ẹ ní kó tún un yà, á dán sí i, ọ̀nà mẹ́ta á sì ṣì di méjì. Nítorí náà, okùn ni mo kọ́kọ́ yà. Mo fa ìlà mẹ́ta láti èjìká ọ̀tún dé tòsì, mo rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti jáde látẹ̀yìn ọrùn àti ibi tó padà sí. Mo wá to ìlẹ̀kẹ̀ lé okùn: wọ́n tóbi wọ́n sì rogodo níwájú, wọ́n ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń yí lọ sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òjìji lábẹ́, àti ìmọ́lẹ̀ lápá òsì, bíi tojú. Lẹ́yìn èyí, mo fi 0.35 sí i, ní ìdajì ọrùn lẹ́ẹ̀kan, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè ní yàrá tó pọ̀. Yẹtí rọrùn: mo gé èyí tó dáa, mo yí i padà bíi ti dígí, mo gbé e sí etí kejì, mo sún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà sápá òsì, mo fi 0.25 dà á pọ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ nìkan ni mi ò rí ṣe. Ó há sáàárín ìka àti ìpele, gbogbo bí mo ṣe yà á ló ń di ara ìka. Mo pe ọmọ rẹ̀, mo ní ṣé kí n fi ìpele bò ó, àbí ẹ̀gbà yẹn ní ìtumọ̀ kan fún Màmá. Ó bi Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín, pé kí n bò ó jàre, ọwọ́ aládùúgbò lòun ti yá a lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò.