Bí Ẹni Tí A Yàn Láti Mú Ìwé Ìhágún Ṣẹ Bá Kọ̀, Tàbí Tó Bá Kú Ṣáájú

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́ òfin, ìwé ìhágún tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ kò ju ojú ewé méjì lọ, èmi gan-an ni mo sì kọ ọ́. Opó kan tó ní ilé kan, owó ní báńkì àti ọmọ mẹ́ta ló ni ín. Ó ní kí n fi ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ṣe olùmúṣẹ, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí òun fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ ọkùnrin náà sílẹ̀ láìbéèrè ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni ọdún 74 ni nígbà náà, òun ló sì kọ́kọ́ kú.

Nígbà tí opó náà fúnra rẹ̀ kú, a rí i pé ó ti fi bíírò fa ìlà sí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì kọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin sí òkè rẹ̀. Kò sí ìbuwọ́lù rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ti ẹlẹ́rìí kankan. Lábẹ́ òfin tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, àtúnṣe tí a bá ṣe lẹ́yìn tí a ti buwọ́ lu ìwé ìhágún kò lágbára, àfi bí a bá tún buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí bíi ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, olùmúṣẹ kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé náà ti di olóògbé.

Èyí kò sọ ìwé ìhágún di asán: bí ìyá ṣe pín ogún ṣì dúró, ipò olùmúṣẹ nìkan ló ṣófo. Ilé-ẹjọ́ ni yóò yan alábòójútó, tí yóò sì fún un ní ìwé àṣẹ tí wọ́n so ìwé ìhágún náà mọ́. Ẹni tí ìyókù ogún tọ́ sí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rò fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá fi ìyókù náà sílẹ̀ fún lọ́gbọọgba. Àkọ́bí gbà pé òun ni ìyá yàn, àwọn méjì yòókù kò gbà. Oṣù 11 kọjá kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan. Ní gbogbo àkókò yẹn báńkì kò san kọ́bọ̀, òjò sì ń wọ inú yàrá ẹ̀yìn, nítorí kò sí ẹni tó ní àṣẹ láti fi owó olóògbé tún òrùlé ṣe.

Gbólóhùn kan péré ni mo fò: «Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú ṣáájú mi, tàbí tí kò bá fẹ́, tàbí tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí, mo yan lágbájá dípò rẹ̀.» Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí àwa tí a ń kọ ìwé yìí sábà máa ń rántí ikú nìkan.

Ní ti kíkọ̀, a kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe olùmúṣẹ, kódà bó bá ti ṣèlérí fún olóògbé. Yóò buwọ́ lu ìwé pé òun kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìwé náà yóò sì dé ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tíì fọwọ́ kan ogún náà. Ọ̀rẹ́ olóògbé kan wá bá mi pé òun kò ṣe mọ́. Mo bi í léèrè ohun tó ti ṣe, ó ní òun ti ta ọkọ̀ olóògbé, òun sì ti fi owó rẹ̀ san gbèsè méjì. Ìṣe olùmúṣẹ nìyẹn, ó ti gba iṣẹ́ náà láìmọ̀. Bó bá jẹ́ ètò ìsìnkú ló ṣe, tàbí pé ó ti ilẹ̀kùn ilé kí olè má baà wọlé, ọ̀nà ì bá ṣì ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tó ń dẹ́rù bà á kò sì kéré: olùmúṣẹ ní láti kó dúkìá jọ, kí ó san owó ìsìnkú, gbèsè àti owó orí kí ó tó pín nǹkan kan, kí ó sì lè ṣírò gbogbo rẹ̀ fún àwọn ajogún. Bó bá pín in tán kí ó tó san gbèsè tó mọ̀ nípa rẹ̀, àpò ara rẹ̀ ni ẹni tí olóògbé jẹ ní gbèsè náà yóò wò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí oníbàárà lọ ka iṣẹ́ wọ̀nyí fún ẹni tó fẹ́ yàn, kí ó sì mú èsì rẹ̀ wá kí n tó kọ orúkọ kankan. Bí olùmúṣẹ bá sì kú lẹ́yìn náà, mo ń sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan ìwé náà, kí ó wá kí a ṣe àfikún tí òun àti ẹlẹ́rìí méjì yóò buwọ́ lù.