Ohun tí ìdajì họ́ọ̀sì páwà fi kọ́ mi nípa omi orí òrùlé

Ní Sátidé tó kọjá, tí a ń sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ nílé wa ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, mo tan pọ́ǹpù sílẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tó fi di aago mẹ́jọ, táǹkì onílítà 2,000 tó wà lórí òrùlé kò tíì kún dé ìdajì. Omi tó ń dé òkè kò nípọn ju ìka kékeré lọ. Mo fọwọ́ kan mọ́tò, ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, òórùn kọ́ìlì tó ń jó sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó dákẹ́ lójú mi. Àwọn àlejò ti ń wọlé, ìyá mi sì ń rán àwọn ọmọ lọ pọn omi nílé aládùúgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ahun ni mo ṣe tí mo fi ra pọ́ǹpù onídajì họ́ọ̀sì páwà. Mo ṣe ìṣirò kí n tó rà á:

`P = Q × H × 9.81 ÷ η`

Q ni lítà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, H ni gíga ní mítà, P ni agbára ní wáàtì, η sì ni ìdá agbára mọ́tò tó ń gbé omi gan-an. Mo fẹ́ kí táǹkì kún ní 40 ìṣẹ́jú, ìyẹn 0.83 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Mo wọn mítà 14 láti ilẹ̀ dé ẹnu táǹkì. Mo rí wáàtì 114, ìdajì họ́ọ̀sì páwà sì jẹ́ 373, ọkàn mi balẹ̀.

Ojú omi inú kànga ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n, kì í ṣe ilẹ̀. Omi wà ní mítà 6 nísàlẹ̀, páìpù àti àwọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ń fa omi sẹ́yìn bí ẹni pé a fi mítà 4 kún un. Gbogbo rẹ̀ di 24, agbára sì di 195.

Ṣùgbọ́n η gan-an, tí mo fò dá, ló pa mọ́tò mi. Pọ́ǹpù kékeré kì í sọ gbogbo agbára mọ́tò di ìgbéga omi; tí a bá fi ìdá 35 nínú 100 ṣírò, 195 ÷ 0.35 jẹ́ 557. Mọ́tò mi kò tó o, nítorí náà omi tín-ín-rín ló ń gbé. Irú pọ́ǹpù tèmi yìí ló sì ń gba agbára jù nígbà tí omi tó ń gbé bá kéré. Gíga tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò lè gbà yín. Ibi tí omi ti dúró pátápátá ni gíga yẹn.

A ra oní-họ́ọ̀sì páwà kan, wáàtì 746, nítorí iná tó máa ń wálẹ̀. Bí omi kànga bá sá kọjá mítà 7 sí 8 lẹ́ẹ̀rùn, mọ́tò ńlá kò ní ràn wá lọ́wọ́, àyàfi pọ́ǹpù tí à ń rì sínú omi. Lánàá, mo gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 sẹ́nu páìpù lókè. Ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 24.